Ẹnu Tó Sọ Ọ̀rọ̀ Ìléru Kejì

Ayékòótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é láti kékeré, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ nínú ilé tí ọmọbìnrin náà kì í tún sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, tòun ti ikọ́ tí wọ́n hú sí i láàárín. Bí bàbá wọn bá bú aládùúgbò nínú yàrá, Ayékòótọ́ á ti wà ní ìta, á ti jíṣẹ́ fún aládùúgbò, kò sì ní fi ẹyọ kan pa mọ́. Wọ́n nà án nítorí ẹ̀, kò gbọ́. Ìyá wọn ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ní ẹnu yẹn ni yóò bọ́ ọ lọ́jọ́ kan.

Ẹnu náà bọ́ ọ lóòótọ́. Ìyá ò dúró rí i. Láàárín ọdún kan ni bàbá àti ìyá tẹ̀lé ara wọn lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ayékòótọ́ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n kàn jí lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, ó fọ aṣọ ilé-ìwé àbúrò rẹ̀, ó sì lọ wáṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe táìsì, amọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé. Ìléru kejì ni wọ́n fi í sí. Ìléru yìí kì í ṣe bí ààrò o. Ó gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwòsàn. Amọ̀ tútù á wọlé lápá kan, á máa yí lọ díẹ̀díẹ̀ nínú iná, á sì jáde lápá kejì ní líle tó ń dán. Níwájú iná yẹn ni ẹ̀gbọ́n dúró fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ooru jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀ tán, débi pé bí ẹnu bá yà á, ojú rẹ̀ á dà bíi ti ọmọ ìkókó. Àbúrò rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín sí i. Òun náà a máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ayékòótọ́ gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ láti lọ kọ́ èdè Mandaríìnì ní ilẹ̀ Ṣáínà, alùpùpù ẹ̀gbọ́n ni wọ́n tà kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹsẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀kọ́ alaalẹ́ kan wà tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ gbàwé-ẹ̀rí ìléru. Ẹ̀gbọ́n kò lọ. Ó ní ẹni méjì kò lè wà ní ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé tí ẹni méjì péré wà.

Nígbà tí Ayékòótọ́ padà dé, ó di ògbufọ̀ láàárín àwọn oníṣòwò, láti Mandaríìnì sí Gẹ̀ẹ́sì, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Mandaríìnì. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á sọ ọ́ títí, ìṣẹ́jú mẹ́ta, márùn-ún, nígbà mìíràn méje. Á wá dákẹ́. Gbogbo ojú á yí sí ògbufọ̀, òun náà á wá gbé odindi ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní èdè kejì, láìyọ, láìfi kún un. Bí àlejò bá ní “mo bínú,” ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ ní “ó ní òun bínú”. “Mo bínú” ni òun náà á wí, ojú rẹ̀ á sì tutù bí omi àmù.

Kò sí orí tó lè dá irú ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ gbé, ìdí nìyẹn tí ìwé pélébé fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí wáyà dè lókè kí ó lè máa ṣí i sókè kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun máa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ti ṣubú: ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà lórí gbólóhùn kìíní nígbà tí ẹnu olùsọ̀rọ̀ ti dé ìkẹta, etí rẹ̀ kò sì ní gbọ́ èyí tó wà láàárín. Èrò ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ ọ̀rọ̀.

Ilé ni Ayékòótọ́ ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì fi kọ́ ọ. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó fẹsẹ̀ sínú omi, á ní, “Ó yá, gbé ìwé ẹ.” Á wá máa ròyìn ìléru: táìsì tó há sáàárín iná, máníjà tó sáré débẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan, ẹni tó yẹ kó pa gáàsì tó lọ pa iná ìta. Kò ní sinmi. Àbúrò rẹ̀ á máa kọ. Ó fa ìlà kan sí apá òsì ojú ìwé, inú ààyè tóóró yẹn ni “ṣùgbọ́n,” “nítorí” àti “bí” ń gbé, kí ó lè mọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe di mọ́ èkejì. Ìyókù á máa sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn: ẹni tó ṣe nǹkan lókè lápá òsì, ohun tó ṣe nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣe é fún lápá ọ̀tún. Bí èrò kan bá parí, á fa ìlà já. Ọfà tó kọjú sókè, nǹkan ń pọ̀ sí i. Èyí tó dorí kodò, ó ń dín kù. Fún “ènìyàn,” lẹ́tà Ṣáínà kan wà tí kò ju ìlà méjì lọ, bí ẹni tó yasẹ̀ dúró. Fún ìléru, ó ń lo lẹ́tà iná. Ohun tí wọ́n bá sọ pé kò sí, á fi ìlà rẹ́ ẹ lórí.

Bí ẹ̀gbọ́n bá parí, Ayékòótọ́ á wo ìwé, á gbójú sókè, á ròyìn gbogbo rẹ̀ ní Mandaríìnì. Ẹ̀gbọ́n kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n aago wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Irọ́ ni,” á ní. “Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo sọ, mẹ́ta lo lò. Kí lo gbé mì níbẹ̀?”

“Bọ̀dá, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ sọ ti bàtà yẹn.”

“Bàtà yẹn gan-an ló dùn níbẹ̀!”

Báyìí ni wọ́n ṣe wà, títí tí orúkọ Ayékòótọ́ fi kàn láàárín àwọn oníṣòwò, tó gba ilé tirẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n náà sì fẹ́ ìyàwó, tó bí ọmọ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Ajé kan, lọ́yà kan pe Ayékòótọ́ sí ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì. Ó kọ́kọ́ fún un ní ìwé àṣírí: ohun tó bá gbọ́ nínú yàrá yẹn, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ títí wọn yóò fi kéde rẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí irú rẹ̀ nígbà àìmọye, ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni lọ́yà sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ táìsì ni wọ́n fẹ́ tà fún àwọn àlejò láti Ṣáínà.

Ayékòótọ́ ní, “Lọ́yà, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìléru kejì ló wà. Ẹ sọ fún ìhà méjèèjì. Bí ọkàn wọn ò bá balẹ̀ sí mi, màá yẹra.”

Lọ́yà sọ fún wọn. Wọ́n fikùn lukùn. Wọ́n ní àwọn mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sáà di ẹnu rẹ̀ mú. Inú Ayékòótọ́ tilẹ̀ dùn díẹ̀. Ó rò pé ilé-iṣẹ́ fẹ́ ríbi gbòòrò sí i ni.

Ọjọ́ kìíní lọ wẹ́rẹ́. Yàrá ìpàdé ní tábìlì gígùn kan, ìgò omi, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn. Alága, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, jókòó lápá kan pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀. Ọ̀gá àwọn àlejò jókòó lápá kejì, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ayékòótọ́ wà ní ìkángun tábìlì láàárín wọn. Iye táìsì ni wọ́n sọ jù lọ́jọ́ náà. Iye sì ni ó máa ń pa ògbufọ̀, nítorí òǹkà Mandaríìnì kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì rìn. Gẹ̀ẹ́sì ń kó òdo jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, Mandaríìnì ń kó o ní mẹ́rin-mẹ́rin: wọ́n ní orúkọ kan fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, òun ni wọ́n fi ń ka gbogbo ohun tó bá tóbi. Bí ọ̀gá àlejò bá ní “àádọ́ta-dín-nírinwó” irú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, Ayékòótọ́ á kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, á so òdo mẹ́rin mọ́ ọn nídìí, á wá tún fi kómà sí i ní mẹ́ta-mẹ́ta: mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Kò ṣìnà nígbà kankan lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, kété lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀gá àlejò sún àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, kò sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó dúpẹ́. Ó yin ìléru kìíní. Ó ní àwọn yóò ra ẹ̀rọ tuntun sí i: ọfà sókè. Ìlà já. Ó ní ìléru kejì ti gbó, gáàsì tó ń jẹ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkíní. Ọwọ́ Ayékòótọ́ kọ “nítorí” sí ààyè tóóró, ó kọ lẹ́tà iná, ó kọ 2 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, gáàsì: ọfà sókè. Ẹnu ọkùnrin náà kò dúró. Ó ní láàárín oṣù méjì àwọn yóò tì í pa.

Ọwọ́ rẹ̀ fi ìlà rẹ́ lẹ́tà iná náà kọjá kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ohun tí ọwọ́ ṣe.

Ọ̀gá náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní àádọ́fà òṣìṣẹ́ ló wà nídìí ìléru kejì. Ó dárúkọ iye tí wọn yóò jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn tó ní ìwé-ẹ̀rí ni wọn yóò kọ́kọ́ mú. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, wọn yóò fi àwọn tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ kún un.

Iye yẹn gan-an ni wàhálà wà. Ọmọ gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀gá náà, ahọ́n wọn kì í ya “ṣ” sọ́tọ̀ kúrò lára “s.” Lẹ́nu tirẹ̀, mẹ́rìnlá àti ogójì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn nìkan ló yà wọ́n, bí igbá àti ìgbà ṣe yà lẹ́nu tiwa. Mẹ́rìnlá a kọ́kọ́ gòkè kó tó já wálẹ̀. Ogójì a kọ́kọ́ já wálẹ̀ kó tó gòkè. Lásìkò tí iye náà jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni obìnrin tó ń gbé tíì wọlé ti kẹ̀kẹ́ ife rẹ̀ gba ojú ilẹ̀kùn. Gbàràgàdà! Ife kọlu ife. Ayékòótọ́ kọ iye náà, ó fi àmì ìbéèrè sí i, ó fi òdo yí i ká.

Nígbà tí ọ̀gá náà dákẹ́, gbogbo ojú yí sí Ayékòótọ́.

Ó mọ̀ pé àwọn mẹ́rìndínlógún ló ní ìwé-ẹ̀rí ní ìléru kejì. Àìmọye ìgbà ni ẹ̀gbọ́n ti fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Bó bá jẹ́ ogójì, àyè mẹ́rìnlélógún ló kù fún àwọn tó pẹ́, ẹ̀gbọ́n ló sì pẹ́ jù wọ́n lọ. Bó bá jẹ́ mẹ́rìnlá, kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí. Ogójì wà ní etí ahọ́n rẹ̀. Etí rẹ̀ tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé ogójì lòún gbọ́.

Ó gbé kálàmù sílẹ̀. Ó sọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún Alága pé ògbufọ̀ fẹ́ kí àlejò tún iye kan sọ. Ó wá bi àlejò ní Mandaríìnì pé ṣé mẹ́rìnlá ni tàbí ogójì. “Ògbufọ̀” ló pe ara rẹ̀, nítorí nínú yàrá yẹn, “mo” kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀gá àlejò rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dà bíi pé wọ́n ti ń bi í ní irú ìbéèrè yìí tipẹ́. Ó fi ìka ìfábẹ̀là méjèèjì dábùú ara wọn: bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ka mẹ́wàá lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó na ìka mẹ́rin sókè.

Mẹ́rìnlá.

Ayékòótọ́ ṣí ìwé rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó gbójú sókè sí Alága, ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán, kò gbọ̀n: “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìléru kìíní yín dára púpọ̀.” Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. “Láàárín oṣù méjì, èmi àti àwọn ènìyàn mi yóò ti ìléru kejì pa. Nínú àádọ́fà òṣìṣẹ́, mẹ́rìnlá ni a ó jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ.”

Alága fọwọ́ pa iwájú orí. “Àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé ẹ máa rí iṣẹ́ fún wọn?”

Ọ̀rọ̀ tí àlejò fi dá a lóhùn kò ju pé àwọn lè ronú sí i. Ayékòótọ́ mọ irú ìrònú bẹ́ẹ̀, tìlẹ̀kùn-jẹ́jẹ́ ni. Ó wù ú kí ó fi ìdajì ọ̀rọ̀ kan lé e, kí ó ní “a ó rí i ṣe,” kí Alága lè di ìlérí náà mú. “A lè ronú sí i” ló sọ. Alága kọ ọ́ sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Ayékòótọ́ fa ojú ìwé tó lò ya, ó kì wọ́n bọ inú ẹ̀rọ tó ń gé ìwé wẹ́wẹ́, lójú lọ́yà. Ó rí lẹ́tà iná tí wọ́n rẹ́ bó ṣe ń wọlé lọ.

Kò tíì bọ́ bàtà tán nílé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi kanlẹ̀kùn. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Ó mú ọsàn dání, inú rẹ̀ ń dùn, ara rẹ̀ kò sì lélẹ̀.

“Ayékòótọ́, wá gbà mí nímọ̀ràn. Ilé-iṣẹ́ bíríkì kan ń pè mí. Òkè odò lọ́hùn-ún ni, ìrìn wákàtí mẹ́fà. Wọ́n ní kí n wá ṣe olórí ìléru. Wọn ò béèrè ìwé-ẹ̀rí! Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Àmọ́ ìyàwó mi ò fẹ́ kó kúrò, àwọn ọmọ wà níléèwé. Èmi náà, ìléru mi yẹn, mo ti mọ ìwà ẹ̀.”

“Ẹ lọ, Bọ̀dá.” Ó yọ lẹ́nu rẹ̀ kíá.

“Kí n lọ?” Ẹ̀gbọ́n gbé ọsàn kalẹ̀. “Ṣebí ìwọ lò ń sọ pé ká má jìnnà síra. Kí ló dé?”

“Mo kàn rò pé... ipò olórí dáa.”

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Òun ló tọ́ ọ, kò sí bí ojú rẹ̀ á ṣe yí tí kò ní mọ̀. “Wọ́n ní àwọn ará Ṣáínà kan wà nílé-iṣẹ́ wa níjẹta. Ṣé o mọ nǹkan kan ni?”

Ọ̀rọ̀ náà kún ẹnu rẹ̀ bí omi gbígbóná. Ó rántí ìwé tó fọwọ́ sí. Ó rò ó pé bí òún bá dákẹ́, ìdákẹ́ náà á sọ ọ́.

“Mi ò mọ nǹkan kan,” ló wí.

Ara ẹ̀gbọ́n balẹ̀. Ó bó ọsàn kan fún un bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré, ìpẹ̀pẹ́ rẹ̀ kò já títí tó fi bó o tán. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ránṣẹ́ sí àwọn oníbíríkì pé ẹ ṣeun, òun ò wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ní ilé-iṣẹ́ táìsì. Orúkọ mẹ́rìnlá tí yóò máa bá iṣẹ́ lọ ló wà níbẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n kò sí lára wọn. Lókè orúkọ wọ̀nyẹn, wọ́n lẹ àwòrán ọjọ́ ìpàdé: Alága lápá kan, ọ̀gá àlejò lápá kejì, láàárín wọn, obìnrin kan tó dorí kodò sórí ìwé pélébé. Ẹni tó pe ẹ̀gbọ́n wá wò ó ń yọ̀ ni. Ó ní, “Àbúrò yín kọ́ nìyí?”

Ẹ̀gbọ́n fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ilé Ayékòótọ́. Kò jókòó. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ṣílẹ̀kùn tó sì kúnlẹ̀ kí i, ẹ̀gbọ́n tẹ orí ba díẹ̀.

“Ẹ káàsán, mà,” ló wí.

Ayékòótọ́ gbé ojú sókè. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Kò sí ẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ má pè mí ní ‘ẹ.’ Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti búra fún wọn. Iṣẹ́ mi ni.”

“Ìbúra yín ò dùn mí, mà. Èmi náà ń ṣiṣẹ́, mo mọ ohun tí iṣẹ́ ń jẹ́. Tí ẹ bá ti ní, ‘Bọ̀dá, ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀ yẹn,’ ì bá ti yé mi. Ǹ bá ti di ẹrù mi.” Ohùn rẹ̀ kò ròkè. “Àmọ́ mo bi yín léèrè. Ẹ wojú mi, ẹ ní ẹ ò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ta lẹ túmọ̀ níbẹ̀yẹn?”

Òótọ́ ni: lọ́jọ́ méjì gbáko, Ayékòótọ́ kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún tẹnikẹ́ni. Irọ́ kan ṣoṣo tó pa lọ́sẹ̀ yẹn, tirẹ̀ ni, ẹni tí kò yẹ kó pa á fún ló sì pa á fún.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹ máa wolé, mà.” Ó sì lọ.

Ayékòótọ́ tẹ̀lé e dé ìta, ó ń pè é, àwọn aládùúgbò ń wò. Ọkùnrin náà kò sáré, kò sì wẹ̀yìn.

Àwọn oníbíríkì ti gba ẹlòmíràn. Wọ́n ti ìléru kejì pa lóṣù kejì bí wọ́n ṣe wí. Ọ̀rọ̀ “a lè ronú sí i” kò sì di nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí ìlú àwọn àna rẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kan níbẹ̀. Ayékòótọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́, wọ́n padà láìtú. Ó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé oúnjẹ fún un, àwọn ọmọ dì mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n kí i, “Ẹ kú àbọ̀, mà,” ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kò wọlé mọ́ títí àlejò fi lọ.

Ayékòótọ́ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń pè é, ó ṣì ń jókòó ní ìkángun tábìlì. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi í ní ọ̀rọ̀ nílé, ọ̀rọ̀ kékeré lásán, pé ṣé òjò á rọ̀, á kọ́kọ́ jáde lọ wo ojú ọ̀run kó tó dáhùn.

Ọdún kejì nìyí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó máa ń pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí ó lè béèrè àwọn ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn, tó ń sọ ìtàn gígùn kan fún àwọn ọmọ, táwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹ jẹ́ n gbé fóònù fún bàbá wọn.” Ìtàn náà dá. Nígbà tó ṣe, ìyàwó náà padà sórí fóònù, ó ní bàbá àwọn ọmọ ní òun ń sùn.

“Ó dáa,” Ayékòótọ́ wí. “Ẹ bá mi kí wọn tí wọ́n bá jí.”